Ẹ Kọ́kọ́ Sọ Ọ́ Di Kékeré: Bá A Ṣe Ń Yẹ Fọ́tò Ìwáṣẹ́ Wò

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò mi. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò téèyàn máa ń fi wá iṣẹ́, mo sì rò ó pé tí mo bá dúró síbí tí mo ń ka òfin fún yín, wọ báyìí, má wọ tọ̀hún, rẹ́rìn-ín, má rẹ́rìn-ín, ẹ máa sùn ni. Torí náà fọ́tò kan la máa tú palẹ̀ lónìí. Obìnrin tó ni ín ti fún mi láyè, ẹ má ṣá bi mí lórúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń wá ni iṣẹ́ ẹni tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn nílé iṣẹ́ adójútòfò, ẹni tí wọ́n máa wá bá tí inú bá ń bí wọn pé wọn ò tíì sanwó fáwọn. Ó ti fi fọ́tò yìí ránṣẹ́ síbi mélòó kan kó tó gbé e wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó dáa?"

Ìbéèrè yẹn gan-an lẹ máa yéé bèèrè. "Ṣé ó dáa?" Ta ló máa sọ fún yín pé kò dáa? Ìyá yín ni àbí ọ̀rẹ́ yín? Wọ́n á ní ó dáa, ó rẹwà, wọ́n á tiẹ̀ fi ọkàn pupa sí i. Ìbéèrè tó máa ṣiṣẹ́ fún yín ni "kí lẹ kọ́kọ́ rí?" Tí ẹni tẹ́ ẹ bi bá dáhùn pé ojú ni, ẹ̀rín ni, ọ̀nà ti là. Àmọ́ tó bá ní yẹtí, tó ní kọ́tìnnì, tó ní "iná kan wà níbẹ̀ yẹn", fọ́tò yẹn ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ lẹ ò tíì sọ̀rọ̀.

Kí n tó gbé e sára ògiri ní títóbi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi í hàn yín ní kékeré. Ẹ gba fóònù mi yìí, ẹ máa gbé e kiri. Ẹ wo òbìrìkítí kékeré yẹn lápá òsì, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Bí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ṣe máa kọ́kọ́ rí yín nìyẹn o, kì í ṣe bí ẹ̀yin ṣe ń wo ara yín tẹ́ ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí tó fi kún ojú fóònù. Orúkọ ló ń wò lọ sísàlẹ̀, orúkọ, fọ́tò, orúkọ, fọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró, ó sì ní mítìnnì tó fẹ́ sáré lọ.

Lọ́dún 2006, Janine Willis àti Alexander Todorov ṣe ìwádìí kan, wọ́n fi ojú àwọn tí ẹnì kankan ò mọ̀ rí han àwọn èèyàn fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá péré, ohun táwọn yẹn sì sọ nípa ojú yẹn, pé ó ṣeé fọkàn tán, pé ó jọ ẹni tó mọṣẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun táwọn tó rí àyè wò ó dáadáa sọ. Àyè tó pọ̀ sí i kàn jẹ́ kó dá wọn lójú sí i ni. Kò túmọ̀ sí pé òótọ́ ni wọ́n sọ o, èmi ò gbà pé ojú èèyàn ń sọ ìwà ẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n máa rò nìyẹn, wọ́n á sì ti rò ó kí wọ́n tó ka ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fọ́tò di kékeré kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí ohun tó bá hàn ní kékeré ló máa wọlé sí wọn lórí kó tó kan èyí tó kù.

Ó dáa, àwọn tó ti rí fóònù yẹn, kí lẹ kọ́kọ́ rí? ... Ẹ gbọ́ o, àǹtí yẹn ní wíńdò. Bùrọ̀dá yẹn ní nǹkan kan ń tàn létí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ojú. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e sókè báyìí ká wo ìdí ẹ̀.

Wíńdò yẹn la máa fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló fa ìdajì wàhálà tó wà nínú fọ́tò yìí. Ó dúró, ó kẹ̀yìn sí wíńdò, oòrùn ń wọlé látẹ̀yìn, ó na fóònù síwájú ara ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Kámẹ́rà máa ń wo gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú ẹ̀, á wá wá agbede méjì. Tí ohun tó pọ̀ jù níwájú ẹ̀ bá funfun báláú, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín gbogbo ẹ̀ kù, ojú tó wà láàárín á wá ṣókùnkùn. Àwa tí àwọ̀ wa dúdú lèyí máa ń mú jù, torí àlàfo tó wà láàárín àwọ̀ wa àti wíńdò yẹn tàbí ògiri funfun yẹn ti tóbi jù. Fóònù tuntun ń gbìyànjú láti wá ojú kó fún un ní ìmọ́lẹ̀ tó yẹ, àmọ́ ẹ má gbára lé e. Àwọn kan á wá lọ fi àpù gbé ìmọ́lẹ̀ ojú sókè lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, ojú á wá dà bí eérú, gbogbo ibi tó yẹ kó ní òjìji á parẹ́, imú ò ní ga mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní sí mọ́, èèyàn á kàn tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ìyẹn ò gba fọ́tò là.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ wá látibi tó yẹ, ẹ súùmù wọ inú ẹyin ojú. Ẹ wo tirẹ̀, ẹ rí i, dúdú kirikiri, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wà níwájú yín, ẹ máa rí àmì funfun kékeré kan nínú ẹyin ojú kọ̀ọ̀kan, tó bá jẹ́ wíńdò ni, ẹ máa rí i tó ní igun mẹ́rin. Àmì kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí ojú dà bí ojú ẹni tó wà láàyè. Ibi tó yẹ kó wà ni òkè díẹ̀, lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló wà, kọ̀ǹpútà alágbèéká tàbí tábìlì funfun ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí yín láti abẹ́ àgbọ̀n, ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dùn ún wò, ó máa ń dẹ́rù bani ni.

Nǹkan kejì tó wà níbẹ̀, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó pọ́n bí ọsàn, ẹ wá wo ti òsì, ó fẹ́ jọ búlúù. Gílóòbù inú yàrá ló tan síbì kan, ojúmọ́ ló tan síbì kejì, kámẹ́rà ò sì lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá tún ọ̀kan ṣe, ìkejì á bàjẹ́ sí i. Oògùn ẹ̀ ò ná yín ní nǹkan kan, ẹ pa gílóòbù.

Nígbà tá a máa tún un yà, mo ní kó yí padà kó kọjú sí wíńdò yẹn gan-an, nǹkan bí mítà kan sí i, kó wá yí èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ wá látẹ̀gbẹ́ iwájú. Ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀, a fi nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀ sáàárín, torí tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn ti ògiri, òjìji yín á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn etí, ẹ máa dà bí ẹni tí wọ́n mú ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó ń yà á fi ìka kan ojú ẹ̀ lórí fóònù, àmì oòrùn kékeré jáde, ó wọ́ ọ sókè díẹ̀ títí àwọ̀ ojú fi rí bó ṣe rí ní tòótọ́. Ògiri ẹ̀yìn yẹn wá jẹ́ àwọ̀ eérú tó mọ́ díẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ funfun, àfi tó bá jẹ́ pasipọ́ọ̀tù ni wọ́n bèèrè, pasipọ́ọ̀tù sì nìyẹn, ó ní òfin tiẹ̀, ẹ má fi í rọ́pò èyí tá à ń sọ yìí.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń sọ fún mi pé "ṣebí mo lè fi àpù pààrọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀". Ẹ lè ṣe é, obìnrin yìí náà ṣe é, ẹ wo fọ́tò kejì tó ti gbé ara ẹ̀ sínú ọ́fíìsì aláràbarà kan. Tẹ́ ẹ bá wò ó ní kékeré, ó tiẹ̀ fẹ́ dáa. Ẹ wá jẹ́ ká súùmù sí eteetí irun. Ẹ rí i bí irun ṣe gé lójijì bí ẹni fi sísọ́ọ̀sì gé e, ibì kan sì wà láàárín yẹtí àti ọrùn tí wíńdò àtijọ́ yẹn ṣì ń yọjú níbẹ̀. Ibi mẹ́ta ni mo máa ń wò nínú irú fọ́tò yìí, eteetí irun, etí, àti apá gíláàsì tẹ́ni náà bá wọ gíláàsì, torí ibẹ̀ ni àpù máa ń ṣì í gé jù, bọ́tìnnì Portrait tó wà nínú fóònù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, á jẹ etí kan di bàìbàì. Èyí tó tún wá burú ju ìyẹn lọ ni ìmọ́lẹ̀. Nínú ọ́fíìsì tó gbé wọlé yẹn, apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ti ojú ẹ̀ sì ń wá látẹ̀yìn. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ṣe é, àmọ́ á ṣá mọ̀ pé nǹkan kan ò dọ́gba, èrò tó sì máa wá sí i lọ́kàn ni pé ẹni yìí ń parọ́ ibi tó wà. Ògiri gidi tí ò ní nǹkan kan lára sàn ju ọ́fíìsì tí ẹ ò dé rí lọ.

Kí n sọ ti gígé fọ́tò kíá. LinkedIn máa ń gé fọ́tò sí òbìrìkítí, torí náà gbogbo ohun tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ nìyẹn. Ìmọ̀ràn tiwọn ni pé kí ojú gba nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 fọ́tò. Ní tèmi, mo máa ń gé e láti ìsàlẹ̀ èjìká díẹ̀ títí dé àlàfo kékeré lókè orí, kí irun má fara kan etí òbìrìkítí yẹn. Tẹ́ ẹ bá gé e ní ọrùn gẹ́lẹ́, ó máa ń rí bí orí tó ń léfòó, tẹ́ ẹ bá sì gé e títí dé ìbàdí, ojú á ti kéré ju kí wọ́n rí i.

Ó wá ku aṣọ. Jákẹ́ẹ̀tì dúdú ló wọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tó ní ilà tín-ín-rín tín-ín-rín wà nínú ẹ̀. Lójú, aṣọ yẹn dáa, mo rí i lára ẹ̀, ó dáa gan-an. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe ń sọ fọ́tò di kékeré tí mo tún ń sọ ọ́ di ńlá, ẹ wo àyà ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ìgbì kan ń rìn níbẹ̀, ó ń yí padà bí mo ṣe ń fẹ̀ ẹ́. Ìgbì yẹn ò sí lára aṣọ o. Ilà tó súnmọ́ra jù ló kọlu àwọn àmì kéékèèké tí kámẹ́rà àti ojú fóònù fi ń to àwòrán, àwọn méjèèjì ò bára mu, ìgbì ló ń jáde. Aṣọ alápótí kéékèèké náà máa ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí wọ́n wọ aṣọ àwọ̀ kan, kì í ṣe torí pé ilà ò bójú mu.

Àwọ̀ ńkọ́? Àwọ̀ èyíkéyìí tó bá yàtọ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò àti sí àwọ̀ ara yín ló máa ṣiṣẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì dúdú lórí ẹ̀yìn dúdú, èjìká á pòórá, orí nìkan ló máa kù. Aṣọ tó bá àwọ̀ ara mu gẹ́lẹ́, ní kékeré, ó máa jọ pé èèyàn ò wọṣọ. Ohun kan náà ni aṣọ tí ọrùn ẹ̀ fẹ̀ tàbí tó bọ́ èjìká sílẹ̀ máa ṣe, tẹ́ ẹ bá wò ó nínú díńgí ẹ ò ní rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gé e tán ní èjìká, aṣọ ti kúrò nínú fọ́tò, èjìká lásán ló kù, ojú wo lẹ fẹ́ kí wọ́n fi wò ó? Ẹ gé e ná kẹ́ ẹ tó dá aṣọ yẹn lẹ́jọ́.

Ti yẹtí yẹn, ó gùn, ó ń dán, ìmọ́lẹ̀ wíńdò sì wọ inú ẹ̀, ìdí tí bùrọ̀dá fi kọ́kọ́ rí i nìyẹn. Kò ṣẹ̀ ẹnì kankan, ó kàn gba ojú lọ́wọ́ ojú ni. Ó bọ́ ọ, ó fi kékeré kan sí i. Àwa ọkùnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín, táì yín tó wọ́ sápá kan àti kọ́là tí ìdajì ẹ̀ gbé sókè náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ súùmù sí kọ́là, sí èjìká, kẹ́ ẹ wá òwú, kẹ́ ẹ wá àbàwọ́n pàńkéèkì lára kọ́là funfun. Kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bàbá tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní àwọn ń lo gíláàsì, ṣé káwọn yọ ọ́. Rárá sà, tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà lẹ̀ ń wọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́, torí ẹni tó máa pàdé yín níbi intafíù náà yẹ kó dá yín mọ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ gbé apá gíláàsì sókè díẹ̀ kúrò lórí etí, kí ojú gíláàsì dojú kọlẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lójú ẹ̀ á sá lọ. Tó bá sì jẹ́ irú èyí tó máa ń dúdú tí oòrùn bá kàn án, ẹ yà á nínú ilé. Tó bá jẹ́ ìborí ẹ̀sìn ló wà lórí yín, òun náà wà níbẹ̀, ẹ kàn rí i pé kò ju òjìji sí iwájú orí àti ojú.

Ó wá ku ìrísí ojú, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, àbí? Gbogbo eyín ẹ̀ ló jáde. Ẹ jẹ́ n fi ìwé yìí bo ojú ẹ̀ láti imú sísàlẹ̀. Ẹ wá wo ojú nìkan báyìí. Ṣé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nìyẹn? Ẹni tó ń dúró de abẹ́rẹ́ ni. Dókítà ará Faransé kan, Guillaume Duchenne, ti kọ̀wé lé èyí lórí lọ́dún 1862, pé iṣan méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rín tó tọkàn wá, ọ̀kan ń fa igun ẹnu sókè, ìkejì yí ojú ká, ó máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè kí awọ igun ojú wá ká díẹ̀. Ti ẹnu, ẹ lè pàṣẹ fún un. Ti ojú, ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti pàṣẹ fún, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n ń wò. Torí náà ẹ máa fi ọwọ́ bo ẹnu lára fọ́tò kẹ́ ẹ tó yàn án. Tí ojú nìkan bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti rí èyí tó dáa.

Ìdí tí tirẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ó ti di ẹ̀rín yẹn mú pẹ́ jù. Òun ló ń ya ara ẹ̀, ó ń wá bọ́tìnnì, ó ń wo ara ẹ̀ nínú fóònù, ẹ̀rín ti tutù kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tá a tún un yà, àbúrò ẹ̀ obìnrin ló di fóònù mú, mo ní kó di ojú, kó mí sínú, kó mí síta, tí mo bá ní "ó yá" kó lajú kó wo kámẹ́rà bí ẹni tó rí ẹni tó mọ̀. Àbúrò ẹ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ kan nípa bó ṣe máa ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín, àbúrò ẹ̀ ò ṣíwọ́ títẹ̀ ẹ́. Èyí tí ẹ̀rín pọ̀ jù kọ́ la mú o. Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ la mú, nígbà tí ẹ̀rín ti ń rọlẹ̀, tí ẹnu ti fẹ́ pa dé, tó ṣì kù nínú ojú. Fọ́tò tó dáa jù sábà máa ń wà níbẹ̀, àsìkò yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀.

Àǹfààní mìíràn wà nínú kí ẹlòmíì yà yín. Ẹ wo imú ẹ̀ nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ wá wò ó bó ṣe jókòó níwájú yín... rárá kò sí níbí, ẹ gbà mí gbọ́ ni, imú ẹ̀ ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Sẹ́lífì ló fà á. Imú súnmọ́ kámẹ́rà ju etí lọ, tí kámẹ́rà bá sì wà nítòsí gan-an, ìyàtọ̀ kékeré yẹn á di ńlá. Àwọn dókítà kan ṣèṣirò ẹ̀ lọ́dún 2018, fọ́tò tá a yà láti nǹkan bí 30 sẹ̀ntímítà máa ń jẹ́ kí imú fẹ̀ tó ìdá 30 nínú 100 ju bó ṣe máa rí láti mítà kan àtààbọ̀. Torí náà kí kámẹ́rà jìnnà sí yín tó mítà kan àtààbọ̀ sí méjì, kó wà ní ìwọ̀n ojú yín, ẹ lo kámẹ́rà ẹ̀yìn, tí fóònù yín bá ní 2x, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ ṣe máa mọ sẹ́lífì lára fọ́tò ẹlòmíì, ẹ wo etí, tí etí bá fẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí èjìká kan sì gòkè ju ìkejì lọ, ọwọ́ ló nà síta.

Ó wá kan yíyàn. Fọ́tò tá a yà ti pọ̀, ó ń yàn, ó ń sọ pé èyí ò jọ òun. Mo ní kó gbé fóònù kalẹ̀. Ẹ rí i, ojú yín tẹ́ ẹ mọ̀ ni èyí tó wà nínú díńgí, ọ̀tún yín wà lápá ọ̀tún, fọ́tò sì máa ń yí i padà sí bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń rí yín, ìdí nìyẹn tí fọ́tò gidi fi máa ń dà bí ojú àlejò sí ẹni tó ni ín. Lọ́dún 2017, David White àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ìwádìí kan lórí èyí ní Ọsirélíà. Wọ́n ní káwọn èèyàn yan nínú fọ́tò ara wọn èyí tí wọ́n máa lò, wọ́n wá ní káwọn tí ò mọ̀ wọ́n rí náà yàn. Èyí táwọn àlejò yàn ló dáa jù lójú àwọn àlejò mìíràn. Ẹni tó ni ojú ò mọ ojú ẹ̀ yàn.

Ohun tá a ṣe ni pé a mú mẹ́ta, a fi han àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, ní kékeré, lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì bi wọ́n ní ìbéèrè méjì péré. Kí lẹ kọ́kọ́ rí? Irú iṣẹ́ wo lẹ rò pé ẹni yìí ń ṣe? Ìbéèrè kejì yẹn ló ń sọ bóyá fọ́tò bá iṣẹ́ mu. Fún èyí tó fi ń ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ní "ó jọ pé ó lọ síbi ìgbéyàwó", torí yẹtí yẹn àti ìdúró ẹ̀. Nínú tuntun, ọ̀kan wà tó rẹwà gan-an, ó gbé àgbọ̀n sókè, ẹnu pa dé, ojú le díẹ̀, wọ́n ní agbẹjọ́rò, wọ́n ní ọ̀gá báǹkì. Fọ́tò tó dáa ni o, tó bá jẹ́ iṣẹ́ ayẹ̀wé-owó-wò ló ń wá, mo lè ní kó mú un. Àmọ́ ẹni tí inú ń bí ló fẹ́ wá bá a nídìí iṣẹ́ tiẹ̀, kò yẹ kí ojú ẹ̀ jọ pé òun náà ti múra ìjà sílẹ̀. Èyí tí ẹ̀rín ń rọlẹ̀ yẹn, wọ́n ní nọ́ọ̀sì, wọ́n ní tíṣà, wọ́n ní "ẹni tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì". Òun la mú. Ti aṣọ náà, ẹ wo bí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn ṣe ń múra lójoojúmọ́ nínú fọ́tò ilé iṣẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ fi ìpele kan péré gbé tiyín sókè. Súùtì àti táì níbi tí gbogbo wọn ti ń wọ súwẹ́tà máa jẹ́ kẹ́ ẹ dá yàtọ̀ níbi tí ò yẹ.

Ẹnì kan bèèrè lórí títún ojú ṣe. Òfin tèmi ò le: ohun tó máa lọ fúnra ẹ̀ kí oṣù tó parí, bí irorẹ́, bí ojú tó wú torí àìsùn, ẹ lè nù ún. Ohun tó bá máa bá yín dé ibi intafíù, àpá, àmì tí wọ́n bí mọ́ yín, ewú, ilà ọjọ́ orí, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé fíltà ti jẹ ẹ́ jù, ẹ súùmù sí iwájú orí, tí ẹ ò bá rí ihò awọ kankan, tí ibẹ̀ kàn ń dán bí pílásítíìkì, wọ́n ti nù yín kúrò nínú fọ́tò yín. Tí irùngbọ̀n tàbí irun bá sì ti yí padà pátápátá, fọ́tò yẹn ti gbó nìyẹn, bó jẹ́ oṣù tó kọjá lẹ yà á.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ ẹ rárá. Ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àṣà wọn ni pé fọ́tò kì í wà nínú ìwé tẹ́ ẹ kọ ìtàn iṣẹ́ yín sí, torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ojú tàbí àwọ̀ ni wọ́n fi ṣe ojúsàájú, ibòmíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá rí fọ́tò níbẹ̀. Ní Jámánì, ó ti pẹ́ tí fọ́tò ti máa ń wà níbẹ̀, òfin ọdún 2006 lórí ìdọ́gba ló jẹ́ kó di ohun tí wọn ò lè fi dandan bèèrè mọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń fi í sí i. Ní Jàpáánù, ìwé ìwáṣẹ́ wọn ní àpótí fún un, nǹkan bí sẹ̀ntímítà 4 ní gígùn àti 3 ní fífẹ̀. Níbi tí wọn ò bá ti bèèrè, ẹ fi í sórí LinkedIn, kẹ́ ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fáìlì náà ló kù. Obìnrin yìí gba fọ́tò tuntun yẹn lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, ó gbé e wọlé, gbogbo ojú ti rí ṣákaṣàka, eteetí irun ti di àpótí kéékèèké. Wọ́sáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó gbé e lọ. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Document sí, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé, á dé bó ṣe wà. Lórí LinkedIn, ó kéré tán kó jẹ́ piksẹ́lì 400 lọ́nà méjèèjì, kó má sì ju 8 MB lọ. Ẹ fi í pamọ́ ní JPEG, kẹ́ ẹ sì yí orúkọ ẹ̀ padà sí orúkọ yín, torí ẹni tó bá gba fáìlì tó ń jẹ́ IMG tòun ti nọ́ńbà gbọọrọ lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀ ò ní mọ èyí tó jẹ́ tiyín mọ́.

Àwọn tó gbé fọ́tò tiwọn dání, ẹ máa bọ̀ níwájú, ẹ má tíì ṣí i ní títóbi o.